Ọjọ́ Tí Oòrùn Bá Ràn Nìkan Là Ń Sanwó

Bí ẹnì kan bá tún kí mi pé "ẹ kú ìsinmi" ní oṣù keje, mo lè bú u. Olùkọ́ oníwákàtí ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Adja-Ouèrè. Iye wákàtí tí mo bá fi kọ́ àwọn ọmọ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn kíláàsì nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, owó náà ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ nìyẹn, kò sì ní í ṣí i títí àwọn ọmọ yóò fi wọlé padà ní oṣù kẹsàn-án. Kódà bí wọ́n wọlé tán, ó máa ń pẹ́ kí owó àkọ́kọ́ tó yọjú. Àwọn olùkọ́ tí ìjọba gbà síṣẹ́ ní ti wọn ń sinmi. Èmi ń wá ohun tí n óò jẹ.

Kò sí òwò àsìkò tí n kò tíì dán wò. Ọdún kan, mo ra ìwé ìkọ̀wé àti bíìkì wá láti Àjàṣẹ́ nígbà tí ọjọ́ ìwọlé kù fẹ́ẹ́rẹ́, mo tẹ́ tábìlì síwájú ilé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olóṣèlú kan kó ìwé ọ̀fẹ́ wá, ó ń pín in fún gbogbo ọmọ iléèwé bí ẹni ń pín àkàrà. Ọdún kejì ẹ̀, mo ra epo pupa pamọ́ ní oṣù kẹta tí epo pọ̀, kí n lè tà á ní oṣù kẹwàá tó bá wọ́n. Ẹni tó tà á fún mi kò sè é kí omi inú rẹ̀ gbẹ, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n tún un sè kí n tó pa á dé. Nígbà tí mo ṣí kẹ́ẹ̀gì náà, òórùn tó jáde lé adìẹ kúrò lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ adìẹ náà rèé: mo sin adìẹ fún Nọ́ẹ̀lì, ọdún Kérésìmesì, àrùn lúkúlúkú kó wọn nínú ọyẹ́ kí Nọ́ẹ̀lì tó dé. Àwọn àgbà ní ẹbìtì tí kò peku, kó fi ẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Ẹbìtì tèmi kò peku, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ẹyìn padà.

Ilé ìyá mi ni mo ti rí òwò tó dà bíi pé ó máa jẹ́. Ìyá mi ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Tatonnonkon, nínú agbo ilé bàbá mi tó ti kú. Àbúrò bàbá mi ni baálé ibẹ̀ báyìí. Àgbàdo àkọ́kọ́ là ń ká ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, àsìkò tí òjò kò tíì kúrò nílẹ̀ tán. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa á mọ ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀ dúdú ni, ó ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ pa, kì í sì í tètè tu ú sílẹ̀. Bí o bá sá àgbàdo lé e lórí, òkè á gbẹ, ìsàlẹ̀ á máa gbóná, ọjọ́ kẹta á bu. Àwọn tí oko wọn sún mọ́ ọ̀nà ọ̀dà ń sá tiwọn sẹ́bàá títì, tírélà sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn oníṣòwò tó ń wá láti Àjàṣẹ́ àti láti òdìkejì ààlà kò gbà gbẹ̀rẹ́. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú àpò dé ìgúnpá, wọ́n á mú hóró kan, wọ́n á fi eyín gé e. Bó bá dún kọ́, wọ́n á sanwó. Bó bá tẹ̀ lábẹ́ eyín, wọ́n á tutọ́ ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì dá iye tó wù wọ́n lé e.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyá mi ní ọdún kan, mò ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń sá oúnjẹ wọn sórí ìdọ̀tí, ni mo bá ní, báàṣì ni ohun tí àwọn èèyàn wọ̀nyí nílò. Báàṣì ni aṣọ ọ̀rá ńlá tí àwọn awakọ̀ fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó máa fi owó odidi ọdún ra èyí tí yóò lò fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ṣùgbọ́n ẹni kan lè rà á kí ó máa fi háyà. Nígbà tí èésú kàn mí, mo lọ sí ọjà Ìkpìnlẹ̀, mo ra àlòkù mẹ́fà, mo ní kí ẹni tó ń ran bàtà lẹ ojú ihò wọn. Mo kó wọn sẹ́yìn alùpùpù wá sílé ìyá mi.

Ìyá mi yí wọn po títí, ó tẹ̀ wọ́n, ó gbóòórùn wọn. Ó ní, "Èyí dáa. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá ọ gba owó?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyá. Èmi ò gbé níhìn-ín."

Ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń gbà á, kò sí ọ̀fẹ́ fún ẹnì kankan o. Bí a bá fún ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹbí ta ni kò sí lábúlé yìí? Gbogbo wọn á dé."

Ó yẹ kí n kọ gbólóhùn yẹn sára ògiri.

Ìjà àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹbí wá. Ọ̀dọ̀ òjò ló ti wá. Ojoojúmọ́ ni mo ní kí wọ́n máa sanwó báàṣì. Ọkùnrin kan gbà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, òjò winniwinni bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́wàá, kò dá títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ìyá mi lọ gba owó, ó ní òun ò san.

Ó ní, "Òjò ló lo báàṣì lónìí, ẹ lọ gbowó lọ́wọ́ òjò."

Mo bínú. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ọjọ́ ni ọjọ́, yálà oòrùn ràn tàbí kò ràn, ọwọ́ rẹ̀ ni nǹkan mi wà, ẹlòmíràn ò sì rí i lò. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Madáàmù, ẹ̀kọ́ yín dáa. Ṣùgbọ́n àgbàdo mi ò gbẹ." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbè é lẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Madáàmù Báàṣì.

Mo yí i padà, mo ní kó jẹ́ pé iye àpò tí kálukú bá sá ni yóò fi sanwó. Èyí tún burú jù. Ẹni tí kò sanwó ọjọ́ kì í kánjú. Àgbàdo ẹlòmíràn gbẹ tán ní ọjọ́ kẹrin, ó ṣì wà lórí báàṣì mi ní ọjọ́ keje, wọ́n ń jókòó sórí ẹ̀ ta ayò. Mo tún padà sí owó ojoojúmọ́. Àwọn tó fẹ́ fi ọjọ́ díẹ̀ ṣe é wá ń kó o jọ gègèrè, dípò kí wọ́n fọ́n ọn ká fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí wọ́n sì máa fi ẹsẹ̀ rò ó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ bu. Wọ́n ní báàṣì mi ló fà á. Mo ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n ya wèrè.

Ìyá mi ló yanjú ẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn nìkan ni kí wọ́n máa san, àti pé òun ni yóò máa sọ bóyá oòrùn ràn. Bó ṣe di adájọ́ oòrùn nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó sórí àpótí níwájú ilé, àwọn tó háyà báàṣì á wá rojọ́. "Ìyá, kùrukùru wà láàárọ̀." Yóò ní, "Aṣọ tí mo sá gbẹ kí n tó jẹun ọ̀sán. San owó ẹ." Tàbí yóò ní, "Ti òní kì í ṣe oòrùn. Máa lọ." Kò sẹ́ni tó ń jà lẹ́yìn tó bá ti sọ̀rọ̀. Èmi tí mo lọ sí Yunifásítì, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mi ò lè gba owó kan lọ́wọ́ wọn láìjà. Inú mi dùn, inú sì bí mi.

Àbúrò bàbá mi nìkan ni ìdájọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ó gba báàṣì tó tóbi jù lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo èèyàn, ó ní òun ń yá a. Kò sọ pé òun ń háyà ẹ̀. Ó gbé e lọ, ó fi sá àgbàdo rẹ̀, ó fi bo àgó àgùntàn rẹ̀ nígbà tí òjò dé. Àgùntàn jẹ etí ẹ̀. Ìgbà tí ọdún ń parí lọ ni mo tó rí i gbà padà, ó sì ti fàya láàárín débi pé mo gé e sí méjì. Nígbà tí mo ṣàròyé, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣu sáṣọ.

Ó ní, "Ta ló gbé ọ lọ sí iléèwé lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ń dun bàbá ẹ? Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Mo ti dà á tipẹ́."

Òótọ́ ni. Òun ló gbé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro iye ọdún tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi san owó kẹ̀kẹ́.

Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ wá le. Ọmọbìnrin mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, yege ìdánwò wíwọlé sí iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Pobè. Iṣẹ́ fírígò àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù ló fẹ́ kọ́. Láti kékeré ló ti máa ń tú rédíò wò, ẹ̀ẹ̀kan ló sì bà á jẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ó ń tún ti aládùúgbò ṣe. Mi ò tíì rí i kó dunnú báyẹn rí. Ṣùgbọ́n dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá iléèwé náà, sọ ọ́ kedere fún mi pé èèyàn ló pọ̀ ju àyè lọ. Ẹni tí kò bá san owó ìwọlé àti ti yàrá kí iléèwé tó wọlé, àyè rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bàbá ọmọ náà wà ní ìlú mìíràn pẹ̀lú ìyàwó mìíràn, ẹ má jẹ́ kí n bá a débẹ̀. Kò sí owó mìíràn tó ń bọ̀ níwájú mi àfi owó báàṣì. Mo sọ fún ìyá mi bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ìyá, bí owó yìí kò bá pé, ọmọ yẹn ń jókòó sílé nìyẹn."

Ó ní, "Yóò pé."

Mo rán àbúrò bàbá mi létí kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, lọ́dún yìí kò sí yíyá. Ti ọmọ yín ni mo fẹ́ fi ṣe." Ó ní òun ti gbọ́. Mo mọ̀ pé etí ló fi gbọ́ ọ.

Oòrùn oṣù kẹjọ ọdún náà kò ní láárí. Yóò yọ láàárọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́, ìyálẹ̀ta kò ní í tíì tó tí yóò ti lọ sá pamọ́. Ìyá mi ń dájọ́ "kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe oòrùn," owó kò sì wọlé. Mo máa ń gun sẹ́mijàn, alùpùpù akérò, láti Adja-Ouèrè lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, mo sì ń wo ojú ọ̀run títí ọrùn fi ń ro mí. Nínú àwọn ìgbà tí mo lọ yẹn, mo bi ìyá mi léèrè àgbàdo tirẹ̀. Opó ni, ìlà mélòó kan ló ń gbìn nínú oko ẹbí, ìyẹn ni oúnjẹ rẹ̀ títí àgbàdo tuntun yóò fi dé. Inú rẹ̀ náà ló ti ń wọn àgbàdo fún ọmọ mi ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ sí iléèwé, kí wọ́n lè lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun.

Ó ní, "Tèmi ṣì wà nínú háhá rẹ̀ lórí àká. Kò kán mi lójú. Tójú àwọn oníbàárà ẹ."

Mo gbà á gbọ́. Èmi ò gun àká lọ wò ó. Ta ló ń gun àká lọ wo ohun tí ìyá rẹ̀ sọ?

Nígbà tó ṣe, oòrùn yọ lóòótọ́. Ó yọ bí ẹni tó ti ń jẹ̀bi láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo abúlé já àgbàdo wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń yọ hóró rẹ̀ lójú méjèèjì, wọ́n sì ń ti ara wọn ní ẹnu ọ̀nà ìyá mi nítorí báàṣì. Mo ti pín gbogbo rẹ̀ tán fún àwọn tó mú owó lọ́wọ́, ó ku ẹyọ kan tí mo ṣèlérí fún obìnrin kan tó ní oko ńlá lápá Ìkpìnlẹ̀. Obìnrin náà ti háyà ẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ oòrùn tó bá kù. Ìgbà yẹn ni àbúrò bàbá mi dé. Ó na ọwọ́ mú báàṣì náà.

Mo di ìdí kejì mú. Mo ní, "Bàbá, ti ẹlòmíràn ni."

Ó ní, "Ta ni ẹlòmíràn? Ẹlòmíràn ló sin bàbá ẹ?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ san owó ẹ bí gbogbo èèyàn."

Èèyàn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún baálé ilé ní agbo ilé rẹ̀. Mo mọ̀. Mo sì tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ju ìdí báàṣì náà sílẹ̀ bí ohun tó rùn. Ó wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Mo rò nígbà yẹn pé ojú ń tì í nítorí mi, inú sì bí mi sí i, nítorí òun ló ṣòfin pé kò sí ọ̀fẹ́ fún ẹbí.

Àbúrò bàbá mi da àgbàdo rẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó tẹ́ àpò jíjá àti aṣọ àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó pọ̀ bí òkìtì. Mo rí i, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nínú ọkàn mi mo ní, kó lọ yá báàṣì lọ́dọ̀ àgùntàn rẹ̀.

Oòrùn ràn ní ọjọ́ yẹn, ó ràn lọ́jọ́ kejì, owó sì ń wọlé. Inú mi dùn débi pé mo kọrin lórí alùpùpù. Lọ́jọ́ kẹta, mo wà lóko obìnrin Ìkpìnlẹ̀ yẹn lẹ́yìn ọ̀sán nígbà tí ìlà oòrùn ṣú dùdù. Èmi àti òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ká etí báàṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé lórí àgbàdo, a fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Òjò náà rọ̀ bí ẹni da agbada omi. Hóró kan kò tutù. Obìnrin náà dì mọ́ mi, ó ní, "Madáàmù, ẹ̀yin lẹ gbà mí là." Mo fẹ́ràn ara mi púpọ̀ ní wákàtí yẹn.

Nígbà tí òjò dá, mo padà sí ilé ìyá mi. Ẹ̀yìnkùlé ti di ẹrẹ̀. Omi ti gbé àpò àti aṣọ àtijọ́ wọ̀nyẹn lọ sídìí ọgbà, òkìtì àgbàdo ti tẹ́ pẹrẹsẹ sínú ilẹ̀ dúdú. Àbúrò bàbá mi dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ìyá mi wà lórí eékún rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó hóró sínú agbọ̀n.

Mo ní, "Ìyá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kó kó àgbàdo ẹ̀ fúnra ẹ̀."

Àbúrò bàbá mi ló dáhùn. Kò pariwo. Ó ní, "Tèmi wà lápá ibẹ̀ yẹn. Ti ìyá ẹ ló wà lápá ibi tó wà yẹn."

Mo wo òkè àká. Kò sí nǹkankan níbẹ̀.

Mo kígbe mọ́ ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kígbe mọ́ ìyá tó bí mi, nínú ẹrẹ̀, níṣojú àwọn èèyàn. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, kí ló dé tí ẹ parọ́, báàṣì mi pọ̀ tó báyẹn, ṣé mi ò ní fún ìyá mi ní ẹyọ kan ni. Kò dá ọwọ́ dúró. Ó ń kó hóró.

Ó ní, "Kí n wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, èmi tí mò ń dájọ́ fún wọn? Lọ́la ta ló máa san? Wọ́n á ní ìyá ẹ náà kò san." Ó nu ojú rẹ̀ nù pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ẹrẹ̀ kùn ún lójú. "Mi ò sì ní owó tí n óò fi háyà ẹ̀. Mo ní kí n dà á mọ́ ti àbúrò bàbá ẹ. Mo rò pé á yá báàṣì lọ́wọ́ ẹ bó ṣe yá a lọ́dún tó kọjá."

Ìdí nìyẹn tó fi ń wo ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

A sá àgbàdo náà lórí báàṣì lẹ́yìn náà, ọ̀fẹ́ ni, ti àbúrò bàbá mi àti ti ìyá mi. Kí lọ̀fẹ́ fẹ́ dà mọ́? Èyí tí kò hù ti bu, èyí tí kò bu ti dúdú lẹ́nu. Àwọn oníṣòwò gé e, wọ́n tutọ́ ẹ̀ sílẹ̀, wọn ò tilẹ̀ dá owó lé e. Àbúrò bàbá mi kò bá mi jà. Ó sàn kó bá mi jà. Bó bá rí mi, yóò kí mi dáadáa, yóò bi mí léèrè ọmọ, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Owó ọmọ mi pé. Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà, mi ò ní purọ́. Mo san án fún dìrẹ́tọ̀ kí iléèwé tó wọlé, ọmọ náà sì lọ sí Pobè pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti garawa tuntun. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ìyá mi gbé ọ̀rá kékeré kan wá. Ó ti jókòó ṣa àgbàdo náà ní ẹyọ ẹyọ, ó mú èyí tó mọ́ nínú rẹ̀. Kò tó ìdajì ohun tó máa ń fún un. Ọmọ náà ní, "Ìyá àgbà, ẹ ṣé o," ó sì gbé e sínú ẹrù rẹ̀ láìwò ó. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ fún un. Mi ò tíì sọ fún un títí di òní.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni mo jẹ̀bi. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò rí i. Bí mo bá yá ẹbí, owó ò ní í pé, ọmọ á jókòó sílé. Bí mi ò bá yá wọn, ohun tó ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà kẹta, kó wá fi hàn mí. Títí di báyìí inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí ó yẹ kó máa bí mi sí. Sí òjò ni? Sí iléèwé tó ń sanwó oṣù mẹ́sàn-án fún ikùn oṣù méjìlá ni? Sí ìyá mi, tó lè dájọ́ oòrùn fún gbogbo abúlé tí kò sì lè la ẹnu fún ọmọ tó bí?

Ní oṣù kẹrin, àgbàdo ìyá mi ti tán tipẹ́. Àsìkò yẹn ni àgbàdo máa ń gbówó lórí jù, tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lóko, ti àtijọ́ sì wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi í pamọ́. Mo lọ sí ọjà Ìkpìnlẹ̀ láti ra tirẹ̀. Mo ń lọ láti ẹnu igbá dé ẹnu igbá, gbogbo ẹ̀ ni kòkòrò ti jẹ. Ni ẹnì kan bá kígbe, "Madáàmù Báàṣì!" Obìnrin olóko ńlá yẹn ni. Àpò tò sẹ́yìn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ó gbé àpótí fún mi jókòó, ó ki tóńgóló, agolo tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, bọ inú àpò, ó wọn án ní àkúnwọ́sílẹ̀.

Ó ní iye tó ń tà á. Mo ní kó dín in. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Madáàmù. Ẹ ò ní í rí irú ẹ̀ lọ́jà yìí. Orí báàṣì la ti sá a, òjò ò kàn án rí. Ẹ mú ẹyọ kan wò."

Mo mú ẹyọ kan, mo fi eyín gé e. Ó dún kọ́.

Mo ka owó náà fún un, mo sì ní kó wọn òmíràn sí i, nítorí pé kì í ṣe ìyá mi nìkan ni mo fẹ́ gbé e fún. Àbúrò bàbá mi náà ń jẹun nílé yẹn.